Trapẹsọ́ìdì àbí Euler Ẹ̀yìn: Èwo Ni Kí Ẹ Yàn Fún Ìdọ́gba Tó Ń Rọlẹ̀?

Ẹni tó bá fẹ́ kí kọ̀ǹpútà máa tọpa ohun tó ń rọlẹ̀ kíákíá kò ní pẹ́ gbọ́ orúkọ méjì: ọ̀nà trapẹsọ́ìdì àti ọ̀nà Euler ẹ̀yìn. Wọ́n á sọ fún un pé àwọn méjèèjì ní ìdúróṣinṣin A, ìyẹn pé ìdáhùn wọn á máa rọlẹ̀ níbi tí òótọ́ bá ti ń rọlẹ̀, bó ti wù kí ìṣísẹ̀ gùn tó, wọ́n á sì dákẹ́ síbẹ̀, àfi bíi pé èyí tó bá wu ni la lè mú. Kò rí bẹ́ẹ̀. Lórí ìdọ́gba kan náà, pẹ̀lú ìṣísẹ̀ tó gùn dọ́gba, ọ̀kan lè mú ìdáhùn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé wá, kí èkejì sì gbé fóòtì òdì wá síbi tí fóòtì òdì kò ti lè wáyé láéláé. Ẹ tún yí nọ́mbà kan ṣoṣo padà, ẹni tó ṣe dáadáa lẹ́ẹ̀kan lè di ẹni tó ṣì jù.

Sákíìtì kékeré kan la máa fi yẹ̀ wọ́n wò. Kapásítọ̀ méjì ló wà nínú rẹ̀, máíkíròfárádì kan ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, a sì ti fún àwọn méjèèjì ní fóòtì 5. Ẹ̀ka tí wọ́n wà yàtọ̀ síra, ọ̀kan kò dí èkejì lọ́wọ́. Ti àkọ́kọ́ ń tú iná rẹ̀ dà nù gba inú rẹsísítọ̀ 1 kílò-óòmù. Ti èkejì ń gba inú rẹsísítọ̀ 1 mẹ́gà-óòmù. Ìdọ́gba kan náà ló ń darí àwọn méjèèjì, níbi tí y ti jẹ́ fóòtì orí kapásítọ̀, tí R jẹ́ ìdènà rẹsísítọ̀, tí C sì jẹ́ ìwọ̀n kapásítọ̀:

```
y' = λy,   y(0) = 5,   λ = -1/(RC)
```

Fún kapásítọ̀ àkọ́kọ́, RC jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá, ìyẹn mílísẹ́kọ̀ǹdù kan, nítorí náà λ = −1000. Fún èkejì, RC jẹ́ sẹ́kọ̀ǹdù kan gbáko, λ sì jẹ́ −1. Ìdáhùn tòótọ́ kò ṣòro: 5 tí a fi `exp(λt)` sọ di púpọ̀. Àkọ́kọ́ á ti tán pátápátá kí ẹ tó ṣẹ́jú. Èkejì á ṣì ku fóòtì 1.8394 lẹ́yìn sẹ́kọ̀ǹdù kan. Ká ní a fẹ́ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láàárín sẹ́kọ̀ǹdù kan yìí, tí a sì fẹ́ fi ìṣísẹ̀ mẹ́wàá péré rìn ín, gígùn ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan á jẹ́ h = 0.1.

Ọ̀nà Euler tí gbogbo èèyàn kọ́kọ́ ń kọ́, èyí tó ń wo iwájú láti ibi tó wà, kò lè ṣe é. Ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ó máa ń fi `1 + hλ` sọ iye tó wà lọ́wọ́ di púpọ̀. Fún kapásítọ̀ àkọ́kọ́, èyí jẹ́ −99: fóòtì 5 á di −495 ní ìṣísẹ̀ kan, lẹ́yìn náà á di 49,005. Kí ó má baà bẹ́ sílẹ̀ báyìí, h kò gbọdọ̀ ju mílísẹ́kọ̀ǹdù méjì lọ, ìyẹn ìṣísẹ̀ 500 fún sẹ́kọ̀ǹdù kan. Ẹ kíyè sí i pé kapásítọ̀ tó ti tán ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ló ń fipá mú yín rin ìṣísẹ̀ kékeré títí dé òpin. Irú ìdọ́gba tó bá ń ṣe báyìí là ń pè ní ìdọ́gba líle, torí rẹ̀ gan-an la sì ṣe nílò ọ̀nà méjì tí a fẹ́ fi wéra yìí.

Ohun tí ìṣísẹ̀ kan ń ṣe

Euler ẹ̀yìn kì í wo bí nǹkan ṣe ń yára yí padà níbi tó ti ń gbéra. Ibi tó ń lọ ló ń wò. Trapẹsọ́ìdì ń wo ibi méjèèjì, ó sì ń mú ìdajì ìdajì:

```
Euler ẹ̀yìn:   y1 = y0 + h·λ·y1
Trapẹsọ́ìdì:   y1 = y0 + (h/2)·(λ·y0 + λ·y1)
```

Nínú àwọn méjèèjì, iye tuntun `y1` wà ní apá òsì àti apá ọ̀tún, nítorí náà a ní láti yanjú rẹ̀ kí a tó rí i. Lórí ìdọ́gba wa yìí, pínpín lẹ́ẹ̀kan ló gbà. Lórí ìdọ́gba tó lọ́jú pọ̀, méjèèjì á ní kí ẹ yanjú ìdọ́gba kan ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan, wàhálà wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Nítorí náà ẹ má ṣe tìtorí pé ọ̀kan ń ná kọ̀ǹpútà ju èkejì lọ yàn. Ibòmíràn ni ìyàtọ̀ wà.

Bí a bá kọ z dípò hλ, gbogbo ìṣísẹ̀ di ìsọdipúpọ̀ pẹ̀lú nọ́mbà kan ṣoṣo, tí à ń pè ní R, tí kì í ṣe R ti rẹsísítọ̀ inú RC:

```
Euler ẹ̀yìn:   R = 1/(1 - z)
Trapẹsọ́ìdì:   R = (1 + z/2)/(1 - z/2)
Òótọ́:         exp(z)
```

Gbogbo ohun tó kù nínú ọ̀rọ̀ yìí wà nínú ìlà mẹ́ta yẹn. Ẹni tó bá mọ z tirẹ̀ lè mọ bí ọ̀nà kọ̀ọ̀kan yóò ṣe hùwà kó tó tan kọ̀ǹpútà rárá.

Ìdánwò tí àwọn méjèèjì yege

Ọdún 1963 ni Germund Dahlquist, onímọ̀ ìṣirò ará Sweden, sọ ohun tí ìdúróṣinṣin A jẹ́. Ó ní kí a fi λ sílẹ̀ kó jẹ́ nọ́mbà kọ́ńpílẹ́ẹ̀sì èyíkéyìí tí ìdáhùn tòótọ́ rẹ̀ ń rọlẹ̀, kí a sì wò ó bóyá ìdáhùn ti kọ̀ǹpútà náà ń rọlẹ̀, bó ti wù kí ìṣísẹ̀ gùn tó. Bí a bá ya z sórí bébà, ìlà òòró tó gba òdo kọjá ló pín bébà sí méjì, ohun gbogbo tó ń rọlẹ̀ sì wà ní apá òsì. Ohun tí à ń béèrè ni pé kí R má ṣe tóbi ju 1 lọ níbikíbi ní apá òsì yẹn.

A kò nílò ìṣirò gígùn kí a tó mọ̀ pé trapẹsọ́ìdì yege. Títóbi R rẹ̀ ni bí z ṣe jìnnà sí −2, tí a fi bí z ṣe jìnnà sí 2 pín. Ẹnikẹ́ni tó bá dúró sí apá òsì ìlà òòró sún mọ́ −2 ju 2 lọ, nítorí náà èsì náà kò lè tó 1. Ẹni tó bá dúró sórí ìlà náà gan-an jìnnà sí àwọn méjèèjì bákan náà, R á sì jẹ́ 1 gééré. Ní apá ọ̀tún ó ju 1 lọ. Èyí túmọ̀ sí pé ibi tí òótọ́ ti ń rọlẹ̀ nìkan ni trapẹsọ́ìdì ti ń rọlẹ̀, ibi tí òótọ́ ti ń dàgbà ló ti ń dàgbà. Ó wù mí gan-an pé ó ṣe wẹ́kú báyìí.

Ti Euler ẹ̀yìn rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Títóbi R rẹ̀ ni 1 tí a fi bí z ṣe jìnnà sí 1 pín. Kò sí ibì kankan ní apá òsì tó sún mọ́ 1 tó ìwọ̀n 1, nítorí náà òun náà yege. Àmọ́ ó yege kọjá ààlà: àyàfi inú òbìrí kékeré kan tó yí 1 ká ni R rẹ̀ ti ń ju 1 lọ. Bí z bá jẹ́ 3, tí òótọ́ ń dàgbà ní ìlọ́po 20 ní ìṣísẹ̀ kan, R ti Euler ẹ̀yìn jẹ́ −0.5, ó sì ń rọlẹ̀. Ẹni tó ń wá ibi tí sákíìtì rẹ̀ ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fì fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ rántí èyí, torí Euler ẹ̀yìn lè bo àìsàn náà mọ́lẹ̀.

Dahlquist tún fi hàn nínú iṣẹ́ yẹn kan náà pé láàárín àwọn ọ̀nà onílà tó ń lo iye bíi mélòó kan tó ti kọjá, kò sí èyí tó lè ní ìdúróṣinṣin A tí ìpele rẹ̀, ìyẹn bí àṣìṣe rẹ̀ ṣe ń yára kéré tí a bá gé ìṣísẹ̀, á ju kejì lọ, àti pé láàárín àwọn tó dé ìpele kejì, trapẹsọ́ìdì ni àṣìṣe rẹ̀ kéré jù. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ fi ń mú un láìbéèrè ohun mìíràn. Ẹ jẹ́ ká wá wo ohun tó yẹ ká béèrè.

Kapásítọ̀ tó ń lọ́ra: trapẹsọ́ìdì ló nibẹ̀

Lórí kapásítọ̀ kejì, λ = −1, h = 0.1, z jẹ́ −0.1. Lẹ́yìn ìṣísẹ̀ mẹ́wàá, Euler ẹ̀yìn ní fóòtì kù 1.9277. Òótọ́ jẹ́ 1.8394, nítorí náà ó fi 0.0883 ṣì í. Trapẹsọ́ìdì ní 1.8379, àṣìṣe rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 0.0015. Bí ẹ bá gé ìṣísẹ̀ sí ìdajì, h = 0.05, àṣìṣe Euler ẹ̀yìn á di 0.0451, ìyẹn nǹkan bí ìdajì ti tẹ́lẹ̀. Ti trapẹsọ́ìdì á di 0.00038, ìyẹn ìdá mẹ́rin. Ohun tí ìpele kìíní àti ìpele kejì túmọ̀ sí nìyẹn.

Ká wá bi ara wa: ìṣísẹ̀ mélòó ni Euler ẹ̀yìn nílò kí àṣìṣe rẹ̀ tó kéré tó ohun tí trapẹsọ́ìdì fi ìṣísẹ̀ mẹ́wàá ṣe? Nǹkan bí 600. Ẹ rántí pé 500 péré ni Euler tó ń wo iwájú nílò kí ó má baà bẹ́. Ẹni tó bá sá fún ìṣísẹ̀ 500, tó wá lo Euler ẹ̀yìn, tó sì tún ń wá ìdáhùn tó péye báyìí, kò jèrè nǹkan kan. Ìdúróṣinṣin kì í ṣe ìpéye. Bí ohun tó kàn yín bá jẹ́ apá tó ń lọ́ra, ẹ kò gbọdọ̀ fi Euler ẹ̀yìn ṣe gbogbo ìrìn náà.

Kapásítọ̀ tó ń yára: ibi tí ọ̀rọ̀ ti yí padà

Ìṣísẹ̀ kan náà, h = 0.1, lórí kapásítọ̀ àkọ́kọ́: z di −100. Ẹ lè fi ojú ara yín rí i:

```python
lam, h = -1000.0, 0.1
z = lam*h
be = tr = 5.0
for n in range(1, 11):
    be = be/(1 - z)
    tr = tr*(1 + z/2)/(1 - z/2)
    print(n, be, tr)
```

R ti Euler ẹ̀yìn jẹ́ 1/101. Fóòtì 5 di 0.0495 ní ìṣísẹ̀ àkọ́kọ́, ó di 0.00049 ní ìkejì, lẹ́yìn náà ẹ lè gbàgbé rẹ̀. Òótọ́ tilẹ̀ ti tán tipẹ́, nítorí náà 0.0495 yẹn ju bó ṣe yẹ lọ, ṣùgbọ́n kò ní ẹnikẹ́ni lára.

R ti trapẹsọ́ìdì jẹ́ −49/51, ìyẹn −0.9608. Fóòtì 5 di −4.80. Lẹ́yìn náà ó di +4.62, −4.43, +4.26, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń lọ títí tí fóòtì 3.35 fi ṣẹ́kù ní ìṣísẹ̀ kẹwàá. Ẹ ronú sí i dáadáa: kapásítọ̀ kan tó ń tú iná rẹ̀ gba inú rẹsísítọ̀ kan ṣoṣo, tí kò sí kọ́ìlì, tí kò sí orísun iná mìíràn, kò lè kọjá òdo sí òdìkejì láé. Síbẹ̀ trapẹsọ́ìdì ń gbé e lọ gbé e bọ̀. Ó ń rọlẹ̀ lóòótọ́, kò purọ́ lórí ìlérí ìdúróṣinṣin A, torí 0.9608 kò tó 1. Ṣùgbọ́n ìṣísẹ̀ 173 ló máa gbà á kó tó fi ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ohun tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú sílẹ̀, níbi tí Euler ẹ̀yìn ti ṣe é ní méjì.

Bí λ bá tún yára sí i, trapẹsọ́ìdì á túbọ̀ burú. Bí z ṣe ń lọ jìnnà sí òdì, R rẹ̀ ń sún mọ́ −1, ti Euler ẹ̀yìn ń sún mọ́ òdo. Ìyẹn ni pé ohun tó yẹ kó kọ́kọ́ kú ni trapẹsọ́ìdì ń tọ́jú pẹ́ jù lọ. Ní ọdún 1969, onímọ̀ ìṣirò Byron Ehle fún ìwà rere Euler ẹ̀yìn yìí ní orúkọ: ìdúróṣinṣin L, ìyẹn ìdúróṣinṣin A pẹ̀lú pé kí R di òdo bí z bá lọ sí òpin òdì. Trapẹsọ́ìdì kò ní i. Lójú tèmi, ẹni tó bá ń yan ọ̀nà fún ìdọ́gba líle tí kò béèrè nípa L kò tíì parí ìbéèrè rẹ̀.

Àárín wọn rèé, ìṣísẹ̀ kan ṣoṣo láti 1:

| z | Òótọ́ | Euler ẹ̀yìn | Trapẹsọ́ìdì |
|---|---|---|---|
| −0.1 | 0.9048 | 0.9091 | 0.9048 |
| −1 | 0.3679 | 0.5000 | 0.3333 |
| −2 | 0.1353 | 0.3333 | 0 |
| −4 | 0.0183 | 0.2000 | −0.3333 |
| −10 | 0.00005 | 0.0909 | −0.6667 |
| −100 | kò tó nǹkan | 0.0099 | −0.9608 |

Ibi méjì ló yẹ kí ẹ fi ọwọ́ sí. Àkọ́kọ́ ni z = −2: kí ó tó débẹ̀, trapẹsọ́ìdì kò yí àmì padà; tó bá ti kọjá ibẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fò láti òkè òdo sí abẹ́ òdo ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Fún kapásítọ̀ wa tó yára, mílísẹ́kọ̀ǹdù méjì nìyẹn, ààlà kan náà tí Euler tó ń wo iwájú ní. Ìyàtọ̀ ni pé ọ̀kan ń bẹ́, èkejì ń fì. Ibi kejì ni nǹkan bí z = −2.6. Kí a tó dé ibẹ̀, àṣìṣe trapẹsọ́ìdì nínú ìṣísẹ̀ kan kéré sí ti Euler ẹ̀yìn; lẹ́yìn ibẹ̀, Euler ẹ̀yìn ló sún mọ́ òótọ́ jù.

Bí ẹ ó ṣe mọ̀ pé fífì náà kì í ṣe òótọ́

Lórí àwòrán tí kọ̀ǹpútà bá yà, ìlà tí trapẹsọ́ìdì yà á dà bí eyín ayùn, wọ́n sì máa ń ṣì í mú fún fífì gidi nínú sákíìtì. Ọ̀nà tó dájú láti dá a mọ̀ ni kí ẹ gé h sí ìdajì. Fífì tó jẹ́ ti sákíìtì fúnra rẹ̀ á dúró lórí àkókò rẹ̀, ì báà jẹ́ ìṣísẹ̀ tó gùn tàbí èyí tó kúrú. Fífì trapẹsọ́ìdì ń tẹ̀lé ìṣísẹ̀: òkè kan, ìsàlẹ̀ kan, gbogbo ìṣísẹ̀ méjì ni yíyípo kan. Pẹ̀lú h = 0.1, yíyípo kan gba sẹ́kọ̀ǹdù 0.2; pẹ̀lú h = 0.05, ó di 0.1. Bí yíyípo bá kúrú pẹ̀lú h, ọ̀nà ìṣirò ló ń fì.

Ẹ tún lè mú ìpíndọ́gba iye méjì tó tẹ̀ léra. Pẹ̀lú −4.80 àti +4.62, ìpíndọ́gba jẹ́ −0.09, ó ti sún mọ́ òdo. Ìyẹn dára fún àyẹ̀wò, kì í ṣe ìwòsàn.

Nígbà tí λ kò dúró sójú kan

Ohun kan wà tí ìdọ́gba ìdánwò wa kò fi hàn, torí λ inú rẹ̀ kì í yí padà. Ká ní rẹsísítọ̀ tó wà níbẹ̀ jẹ́ súìṣì tó ń pa lọ díẹ̀díẹ̀, tí ìdènà rẹ̀ gòkè láti 1 kílò-óòmù sí 10 kílò-óòmù láàárín ìṣísẹ̀ kan. λ ti lọ láti −1000 sí −100. Kapásítọ̀ ṣì ń rọlẹ̀ ní gbogbo àkókò yẹn. Euler ẹ̀yìn ń wo òpin ìṣísẹ̀ nìkan, ó fi 1/(1 + 10) sọ ọ́ di púpọ̀, kò sí wàhálà. Trapẹsọ́ìdì mú ìdajì ti ìbẹ̀rẹ̀ sókè àti ìdajì ti òpin sísàlẹ̀: (1 − 50)/(1 + 5), ìyẹn −8.17. Fóòtì 5 á di nǹkan bí −40.8. Ó dàgbà níbi tí kò sí ohunkóhun tó lè mú un dàgbà.

Ìdúróṣinṣin A kò já sí irọ́ níhìn-ín. A kàn ń béèrè ohun tí kò ṣèlérí lọ́wọ́ rẹ̀ ni. Orí λ tí kò yí padà ló ti fọwọ́ sọ̀yà. Ti Euler ẹ̀yìn lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ: níwọ̀n ìgbà tí λ ní òpin ìṣísẹ̀ bá ti jẹ́ òdì, R rẹ̀ kò lè dé 1, ohun yòówù kí λ ti jẹ́ tẹ́lẹ̀. Bí ìdènà inú sákíìtì yín bá ń yí padà lójijì, tí ẹ sì fẹ́ rin ìṣísẹ̀ gígùn, kókó yìí nìkan tó láti mú yín yan Euler ẹ̀yìn fún apá yẹn.

Ìdàpọ̀: ohun tí èmi yóò yàn

Fún sákíìtì wa, tó ní apá tó yára àti apá tó lọ́ra pọ̀, n kò ní yan ọ̀kan ṣoṣo. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Euler ẹ̀yìn, ẹ fi ìṣísẹ̀ ìdajì mẹ́rin pa ohun tó yára, lẹ́yìn náà kí ẹ gbé trapẹsọ́ìdì lé e. Onímọ̀ ìṣirò Rolf Rannacher ló sọ ètò yìí di mímọ̀ ní ọdún 1984 fún ìdọ́gba ooru. Ẹ jẹ́ ká ṣe é pẹ̀lú h = 0.1: ìṣísẹ̀ mẹ́rin tó jẹ́ 0.05 ló gbé wa dé 0.2, ìṣísẹ̀ trapẹsọ́ìdì mẹ́jọ ló parí rẹ̀.

Kapásítọ̀ tó yára: Euler ẹ̀yìn fi 1/51 sọ ọ́ di púpọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin, ohun tó ṣẹ́kù kò tó ìdá kan nínú mílíọ̀nù fóòtì. Trapẹsọ́ìdì á ṣì máa fì í, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó máa rí i. Kapásítọ̀ tó lọ́ra: ìdáhùn jẹ́ 1.8471, àṣìṣe 0.0077. Mi ò ní fi pa mọ́ pé èyí tó ìlọ́po márùn-ún àṣìṣe trapẹsọ́ìdì nìkan. Owó tí a san fún ìdákẹ́jẹ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ó fi ju ìlọ́po mọ́kànlá lọ kéré sí ti Euler ẹ̀yìn nìkan, ohun tó sì ṣe pàtàkì jù ni pé tí ẹ bá gé h sí 0.05, tí ẹ ṣì fi ìṣísẹ̀ ìdajì mẹ́rin náà bẹ̀rẹ̀, àṣìṣe á di 0.0019, ìdá mẹ́rin gééré. Ìpele kejì kò sọnù, torí iye ìṣísẹ̀ Euler ẹ̀yìn kò pọ̀ sí i bí h ṣe ń kéré.

Bí sákíìtì bá ní orísun iná tó ń tàn tó ń kú, gbogbo ìgbà tó bá yí padà lójijì ni ohun tó yára máa tún jí. Ẹ ní láti tún fi Euler ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. SPICE, ètò kọ̀ǹpútà tí àwọn oníṣẹ́ sákíìtì ń lò, ń ṣe ohun tó jọ èyí: trapẹsọ́ìdì ló ń lò láìjẹ́ pé ẹ sọ ohun mìíràn fún un, ó sì ń padà sí ìpele kìíní, ìyẹn Euler ẹ̀yìn, ní ibi tó bá mọ̀ pé orísun ti yí padà lójijì. Ibi tí kò bá mọ̀, bíi súìṣì tó pa nítorí fóòtì inú sákíìtì fúnra rẹ̀, ni fífì ti sábà ń yọjú.

Bí ó bá yọjú nínú ngspice, irú SPICE kan, ìlà wọ̀nyí lẹ lè gbìyànjú, ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn lẹ́ẹ̀kan:

```
.options method=trap xmu=0.495
.options method=gear
.options method=trap maxord=1
```

Ti àkọ́kọ́ ń yí ìdajì ìdajì padà díẹ̀, kí òpin ìṣísẹ̀ lè wúwo ju ìbẹ̀rẹ̀ lọ. Bí z bá lọ sí òpin òdì, R á dúró ní −0.98 dípò −1. Ìyẹn kéré, ó sì máa ń tó fún fífì tí kò le. Àmọ́ ẹ wo kapásítọ̀ wa: pẹ̀lú z = −100, R kàn lọ láti −0.961 sí −0.942 ni, nítorí náà ẹ má retí iṣẹ́ ìyanu bí h yín bá gùn tó bẹ́ẹ̀. Ìkejì mú ọ̀nà mìíràn wá tó ní ìdúróṣinṣin L àti ìpele kejì, tó sì ń lo iye méjì tó ti kọjá. Ìkẹta ni Euler ẹ̀yìn pọ́nńbélé.

Kí ẹ tó kọ ìkẹta sílẹ̀, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá sákíìtì yín ní kọ́ìlì tó ń fì ní tòótọ́. Nígbà náà z wà lórí ìlà òòró, trapẹsọ́ìdì sì ń tọ́jú gíga ìfì náà láìdín kù. Euler ẹ̀yìn ń jẹ ẹ́: tí ìṣísẹ̀ kan bá jẹ́ ìdá mẹ́wàá rédíánì, lẹ́yìn yíyípo mẹ́wàá, fóòtì 5 tó yẹ kó ṣì wà níbẹ̀ á ti di 0.22. Ìdádúró tí kò sí nínú sákíìtì ló fi kún un, ìlà tó sì yà á mọ́ tónítóní débi pé kò ní sí ohun tó máa kìlọ̀ fún yín, àfi kí ẹ gé h sí ìdajì, kí ẹ sì rí i pé ìfì náà pẹ́ sí i kó tó kú.